Adìyẹ mi ń kú, oògùn wo ni kí n lò?

ỌmọÌkirè:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹgbẹ́ mi. Adìyẹ mi ń kú. Ẹ jọ̀ọ́, oògùn wo ni kí n lò fún wọn? Ẹ tètè dá mi lóhùn.

OkoDùn:
Pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ra antibáyótíìkì tó dáa, ẹ da fítámì mọ́ ọn, kí ẹ fi sí omi wọn fún ọjọ́ márùn-ún. Ohun tí mo máa ń ṣe nìyẹn, ó sì máa ń bá mi ṣe é.

Bàbá_Àgbẹ̀:
Ọmọ mi, omi ewúro ni kí o fún wọn. Fọ ọ́ dáadáa, fún omi rẹ̀ sínú omi mímu wọn láàárọ̀. Nígbà tí àwa ń sin adìyẹ, ta ló mọ oògùn òyìnbó?

Gọ́mbórò_jẹ_mí:
Àrùn Gọ́mbórò ni. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mọ owó. Ó kó adìyẹ mi lọ lọ́dún tó kọjá bí ìgbà tí wọ́n ń ká mángòrò. Kò sí oògùn tó gbọ́ ọ, ẹ má fi owó ṣòfò.

Màmá_Ẹlẹ́yin:
Tèmi náà ń ṣe mí bẹ́ẹ̀ o! Àmọ́ tèmi ò kú, wọn ò kàn yé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ ni. Oògùn tí wọ́n bá sọ fún ẹ, jọ̀wọ́ bá mi béèrè bóyá mo lè lò ó.

ỌmọÌkirè:
Ẹ ṣeun gan-an. Ẹni mẹ́rin ló dáhùn, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sì tọ́ka sí. Èwo ni kí n mú níbẹ̀? Wọ́n tún kú láàárọ̀ yìí.

Olùtọ́jú_Ẹran:
Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìnira. Kò sí ẹni tó parọ́ fún yín nínú àwọn tó ti sọ̀rọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ sọ pé adìyẹ ń kú, kálukú sì rántí èyí tó pa tirẹ̀ kẹ́yìn. Ẹni tí Gọ́mbórò ṣe lọ́ṣẹ́ rí Gọ́mbórò. Ẹni tí antibáyótíìkì gbà sílẹ̀ rí antibáyótíìkì. Òròmọdìyẹ ọjọ́ mẹ́ta tí òtútù pa lóru ń kú, adìyẹ ẹlẹ́yin ọdún kan tí ooru mú lọ́sàn-án ń kú, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó jẹ oúnjẹ tó ti bu. Gbogbo wọn ló wà nínú gbólóhùn tí ẹ kọ yẹn, oògùn wọn ò sì bára mu rárá. Òmíràn ò tiẹ̀ ní oògùn: ẹ̀yìn ilé kan tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé lóru ni kéèyàn dí.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan díẹ̀ lọ́wọ́ yín. N ó sọ ìdí tí mo fi ń béèrè ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó má dà bí ẹni pé mo ń fi ọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò.

Ẹ kọ́kọ́ sọ irú adìyẹ tó jẹ́ àti iye ọjọ́ tí wọ́n ti lò láyé. Èyí nìkan á gé ohun tó ju ìlàjì lọ kúrò nínú ohun tí mo ní lọ́kàn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, òtútù àti ìdodo tí kò jiná ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹfà, Gọ́mbórò àti onígbẹ́ẹ̀jẹ̀ ló ń jà du ipò.

Lẹ́yìn náà, mélòó ni ẹ ní, mélòó ló sì kú lójúmọ́, láti ọjọ́ tí èyí àkọ́kọ́ ti kú? Kì í ṣe àpapọ̀ wọn ni mo fẹ́, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn ni. Adìyẹ márùn-ún tó kú nínú 50, àjálù ni. Márùn-ún nínú 2,000, ó lè má ju ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ lọ. Èyí tó bẹ́ sílẹ̀ lójijì tó pa púpọ̀ lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta tó sì ń rọlẹ̀, ó yàtọ̀ sí èyí tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀.

Ẹ tún wo ìgbẹ́ wọn, kí ẹ sọ àwọ̀ rẹ̀ fún mi bí ẹ ṣe rí i. Funfun tó ń ṣàn bí omi ni, àbí ewé, àbí pupa? Ẹ má sọ fún mi pé ìgbẹ́ gbuuru ni, torí gbogbo àrùn ló ń fa gbuuru.

Èyí tí àwọn èèyàn máa ń fi pamọ́ jù ló kẹ́yìn: kí ni ẹ ti fún wọn? Oògùn, fítámì, àgbo, àjẹsára, gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ fún wọn àti bí ẹ ṣe pò ó.

Jẹ́jẹ́:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, àmọ́ ohun tí mo kórìíra ní orí òpó yìí nìyí. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, ẹ̀ ń béèrè irú páànù tó fi kọ́lé. Ẹran ń kú lọ́wọ́ èèyàn, ẹ̀ ń fún un ní ìdánwò ṣe. Ẹ fún un ní oògùn ná, kí a máa béèrè tó bá yá.

Olùtọ́jú_Ẹran:
Mo gbọ́ yín, kì í ṣe pé kò kàn mí. Ṣùgbọ́n oògùn wo gan-an ni kí n pè? Bí mo bá pe antibáyótíìkì tó sì jẹ́ onígbẹ́ẹ̀jẹ̀, owó ti lọ, ọjọ́ mẹ́ta ti lọ, adìyẹ ṣì ń kú, ó sì máa gbà pé oògùn ti wà lára wọn.

Àwọn nǹkan wà tí ó lè ṣe kó tó dáhùn, tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára, ohun yòówù kó jẹ́. Kí ó ṣa òkú kúrò kíákíá kí àwọn yòókù má baà máa ṣa á jẹ. Kí ó kó ibi tó bá tutù nínú èérún pákó tó wà nílẹ̀ jáde, kí ó tú tuntun tó gbẹ síbẹ̀. Kí ó fọ àwọn dírínkà, kí ó sì ya àwọn tó ń ṣàìsàn sọ́tọ̀. Kí ó má gbé ọ̀kankan lọ sọ́jà. Ìyẹn á tó o ṣe títí tí yóò fi kọ̀wé padà.

ỌmọÌkirè:
Ẹ ṣé, ẹ ò ṣẹ̀ mí rárá. Mo ti ń kó èérún pákó tó tutù, ó pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, ó ti ń rùn gan-an.

Ìdáhùn mi nìyí. Ìkirè ni oko mi wà, ọ̀nà oko kòkó bàbá mi. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì ni mo bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi ló bá mi kọ́ ilé adìyẹ, páànù ló fi bò ó, ó sì fi nẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Owó oúnjẹ adìyẹ ti ń jẹ mí run láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ọ̀sẹ̀ tí wọn ò fi nǹkan lé e. Bíróílà 300 ni mo rà, wọ́n pé ọjọ́ 26 lónìí. Àwọn tó ta òròmọdìyẹ náà fún mi sọ pé ojúlówó ni. Ọjọ́ Ajé ni mo kọ́kọ́ rí òkú, mẹ́ta. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun méje. Ọjọ́rú mẹ́sàn-án. Òní Ọjọ́bọ̀, mo ti rí mẹ́jọ láàárọ̀.

Wọ́n ká ara jọ, ìyẹ́ wọn rí jágajàga, wọ́n ń pa ojú dé bí ẹni tó ń tòògbé. Wọn ò jẹun bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìgbẹ́ wọn ní pupa nínú. Mo kọ́kọ́ rò pé àwọ̀ oúnjẹ ni, àmọ́ lónìí mo rí ẹ̀jẹ̀ gidi lórí èérún pákó.

Àjẹsára Gọ́mbórò, mo fún wọn ní ọjọ́ 14. Niukásù, mo fún wọn ní ọjọ́ kìíní lójú àti ọjọ́ 21 nínú omi. Fítámì wà nínú omi wọn lójoojúmọ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, torí ohun tí OkoDùn sọ.

Bàbá_Àgbẹ̀:
Ẹ̀jẹ̀? Ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé tí o ò sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀? Bó o bá sọ ẹ̀jẹ̀ ni, mi ò ní dárúkọ ewúro.

Gọ́mbórò_jẹ_mí:
Ẹ ṣì lè rí ẹ̀jẹ̀ nínú Gọ́mbórò. Ọjọ́ 26, inú rẹ̀ gan-an ló bọ́ sí. Àjẹsára tí wọ́n sì gbé nínú ọkọ̀ tó gbóná, ó ti kú kó tó dé oko. Mi ò yí ohùn padà.

Olùtọ́jú_Ẹran:
Ọ̀rọ̀ yín lórí àjẹsára tọ̀nà, ó sì yẹ kí a fi sọ́kàn. Ọjọ́ orí náà bá a mu. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ Gọ́mbórò, inú ẹran itan àti igbáàyà òkú ni a ti sábà máa ń rí i bí ilà pupa. Ìgbẹ́ rẹ̀ funfun, ó ń ṣàn, àwọn adìyẹ sì máa ń ṣa ìdí ara wọn jẹ. Òkú rẹ̀ máa ń bẹ́ sílẹ̀ lójijì, á ga ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, á sì wálẹ̀. Òun ti sọ ohun tó yàtọ̀ fún wa nípa ìgbẹ́. Ní ti iye òkú, ó kéré láti fi dájọ́, ó ṣì lè lọ síbi méjèèjì.

ỌmọÌkirè, nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ọ̀nà oko kòkó àti owó oúnjẹ kò ràn mí lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo bá yín kẹ́dùn owó. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 26, bí òkú ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn, pupa nínú ìgbẹ́ àti èérún pákó tó tutù, wọ́n ti mú wa kúrò ní ogún nǹkan, a ti ku méjì. Ẹ̀yin náà lè ya méjèèjì sọ́tọ̀ lóko.

Ẹ mú òkú kan tí kò tíì pé wákàtí mélòó kan tó kú. Ẹ fi ọ̀rá bọ ọwọ́. Ẹ la ikùn rẹ̀, kí ẹ fa ìfun jáde títí dé ìsàlẹ̀. Ẹ ó rí àpò ìfun méjì tó gùn bí ìka, tí ìdí wọn dí, tí wọ́n so mọ́ ibi tí ìfun ńlá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ là wọ́n, kí ẹ sọ ohun tó wà nínú wọn. Ẹ wá bọ́ awọ itan, ẹ wò ó bóyá ilà ẹ̀jẹ̀ wà nínú ẹran. Ní òkè ihò ìdí, kókó kékeré kan wà bí ẹ̀wà. Ẹ wò ó bóyá ó wú.

Ẹ sọ èyí náà fún mi: ǹjẹ́ òjò rọ̀ wọ ilé adìyẹ yín lẹ́nu ọjọ́ mẹ́jọ sí mẹ́wàá sẹ́yìn? Ǹjẹ́ ẹ ti fún wọn ní oògùn kankan yàtọ̀ sí fítámì?

Jẹ́jẹ́:
Kí ló kan òjò ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn nínú òkú tòní?

Olùtọ́jú_Ẹran:
Ó kàn án púpọ̀. Onígbẹ́ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń pè ní kọkisidiósíìsì, kòkòrò kan tó ń gbé inú ìfun ló ń fà á. Ẹyin rẹ̀ máa ń jáde pẹ̀lú ìgbẹ́. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ó ṣòro fún ẹyin náà láti gbó. Bí ilẹ̀ bá tutù tó sì móoru, láàárín ọjọ́ kan sí méjì ó ti gbó, ó sì ti lè ran adìyẹ. Nígbà tí adìyẹ bá ti gbé e mì, nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ máa ń hàn. Nítorí náà, òkú tòní kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá ló fà á.

ỌmọÌkirè:
Ó ti ṣe kedere sí mi báyìí. Òjò ńlá rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú, afẹ́fẹ́ gbé e wọlé láti ẹ̀gbẹ́ ibi tí nẹ́ẹ̀tì wà. Mi ò kó èérún pákó náà, mo kàn tú díẹ̀ lé e lórí. Ọjọ́ kẹjọ sí ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí òkú.

Mo la òkú méjì. Àpò ìfun méjèèjì kún fún ẹ̀jẹ̀, òmíràn ti dì bí ẹ̀dọ̀. Mo wo itan, mi ò rí ilà. Kókó tí ẹ sọ, mo rí i, mi ò mọ̀ bóyá ó wú torí mi ò mọ bó ṣe máa ń tóbi tó tẹ́lẹ̀.

Oògùn, ó wà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà, ẹni tó ń ta oògùn ní ọjà fún mi ní ampirólíọ́mù. Ṣàṣẹ́ẹ̀tì kan, ó kọ 100 gíráàmù sí i lára àti 20%. Mo dà á sínú táǹkì 250 lítà tí mo fi ń fún wọn lómi, fítámì sì wà nínú rẹ̀. Táǹkì náà ni wọ́n ṣì ń mu títí di òní. Mi ò dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan torí mo rí i pé kò ṣiṣẹ́.

Olùtọ́jú_Ẹran:
Ibí gan-an ni ohun tí a ń wá wà. Ẹ ti mú oògùn tó tọ́, bí ẹ sì ṣe fún wọn ni kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ká ní ẹ kò sọ èyí, mo lè sọ pé kí ẹ lọ ra ampirólíọ́mù, ẹ̀yin á sì dáhùn pé ẹ ti lò ó, kò gbọ́. Àwa méjèèjì á wá máa wá àrùn mìíràn kiri.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Nínú 100 gíráàmù tí ó jẹ́ 20%, oògùn gan-an tó wà níbẹ̀ jẹ́ 20 gíráàmù. Ìyókù jẹ́ ohun tí wọ́n fi gbé e. Ẹ pín 20 gíráàmù sínú 250 lítà: 0.08 gíráàmù ló wà nínú lítà kan. Níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti hàn báyìí, 0.24 gíráàmù ló yẹ kó wà nínú lítà kan, ó túmọ̀ sí pé ìdá kan nínú mẹ́ta ni ẹ fún wọn. Ìyẹn tó láti yọ kòkòrò náà lẹ́nu, kò tó láti dá a dúró.

Èkejì ni fítámì. Ampirólíọ́mù fara jọ fítámì B1. Kòkòrò náà ń wá B1, ó wá gbé oògùn mì dípò rẹ̀, ebi sì ń pa á. Nígbà tí ẹ bá da B1 mọ́ ọn nínú omi kan náà, ẹ ń fún kòkòrò náà ní oúnjẹ tí oògùn ń fi dù ú. Fítámì tó wà nínú ṣàṣẹ́ẹ̀tì ọjà, B1 kò ní ṣàì sí nínú ọ̀pọ̀ wọn.

Ohun tí n ó ṣe ká ní tèmi ni: kí ẹ da omi táǹkì náà nù. Adìyẹ tó wà ní ọjọ́ orí yìí, nínú ooru, ń mu nǹkan bí 200 mílílítà lójúmọ́. Nígbà tí ẹ bá yọ àwọn tó ti kú, ẹ ku nǹkan bí 273, ẹ jẹ́ ká fi sí 60 lítà lójúmọ́ kí ó má baà dín. Torí 20% ni ohun tó wà nínú ṣàṣẹ́ẹ̀tì yẹn, 1.2 gíráàmù rẹ̀ ló ń mú 0.24 gíráàmù oògùn wá fún lítà kan; fún 60 lítà, 72 gíráàmù ni. Ẹ fi ìwọ̀n kékeré ilé ìdáná wọ̀n ọ́n, ẹ má ṣe fi ṣíbí díwọ̀n. Ẹ po tuntun láràárọ̀, kí ó má sí omi mìíràn tí wọ́n lè mu. Ọjọ́ márùn-ún ni. Lẹ́yìn náà, ẹ dín in kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin, ìyẹn 18 gíráàmù fún 60 lítà, fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bí omi tí wọ́n ń mu bá pọ̀ sí i, ẹ fi oògùn tẹ̀ lé e. Ẹ wo ìwé ara ṣàṣẹ́ẹ̀tì yín pẹ̀lú. Bí ohun tó wà níbẹ̀ bá yàtọ̀ sí èyí, ẹ kọ ọ́ síbí kí n rí i.

OkoDùn:
Ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbà pé fítámì kì í ṣe dáadáa. Adìyẹ tó ń ṣẹ̀jẹ̀, fítámì K ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dúró. Ẹni tó mọ̀ ló kọ́ mi. Ẹ fẹ́ kí ó jẹ́ kí wọ́n ṣẹ̀jẹ̀ kú ni?

Olùtọ́jú_Ẹran:
Ẹni tó kọ́ yín kò ṣì yín lọ́nà. Fítámì K àti A wúlò fún onígbẹ́ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá rí èyí tó jẹ́ K nìkan, kí ó lò ó. Àpapọ̀ tó ní B nínú ni mo ní kí ó dáwọ́ rẹ̀ dúró títí oògùn yóò fi parí. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ó máa fún wọn, ó máa wúlò.

OkoDùn:
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ antibáyótíìkì ńkọ́?

Olùtọ́jú_Ẹran:
Kì í pa kòkòrò yìí, torí kì í ṣe bakitéríà. Nígbà mìíràn bakitéríà máa ń tẹ̀ lé e wọ inú ìfun tó ti ya, àwọn kan sì máa ń fi antibáyótíìkì kún un. Èmi kì í fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká rí bí ọjọ́ kẹta ṣe máa rí. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dínkù nígbà yẹn, pẹ̀lú ìwọ̀n tó pé, á jẹ́ pé kòkòrò náà ti mọ ampirólíọ́mù lára, a ó wá lọ sí oògùn mìíràn bíi toltirasúrì.

ỌmọÌkirè, irú oúnjẹ wo ni ẹ ń fún wọn? Ṣé èyí tí ó wà nínú àpò ilé iṣẹ́ ni, àbí èyí tí wọ́n lọ̀ fún yín?

ỌmọÌkirè:
Wọ́n lọ̀ ọ́ ni, ní ilé ìlọ-oúnjẹ. Nínú àpò tí kò ní ìkọ̀wé ni wọ́n máa ń rọ ọ́ sí. Sítátà ni wọ́n pè é.

Olùtọ́jú_Ẹran:
Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n fi oògùn tó ń dènà onígbẹ́ẹ̀jẹ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ sítátà bíróílà inú àpò máa ń ní in, ara àpò ni a sì ti ń kà á. Bí kò bá sí nínú tiyín, ìdí nìyẹn tí òjò ọjọ́ kan fi rí àyè. Bí ó bá sì wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà tún yí padà, torí á jẹ́ pé kòkòrò náà ti ń mọ oògùn lára.

Màmá_Ẹlẹ́yin:
Ẹ̀yin tí ẹ ń yanjú ọ̀rọ̀, ẹ ti gbàgbé mi. Mo ti rí bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀. Tèmi nìyí: adìyẹ ẹlẹ́yin 200, ọ̀sẹ̀ 38. Kírétì márùn-ún àti ẹyin 20 ni mo ń kó lójúmọ́, ó ti di kírétì mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí òkú, ara wọn dá ṣáká, wọ́n ń jẹun. Èèpo ẹyin ti fẹ́lẹ́, ó ń fọ́ lọ́wọ́. Mo pààrọ̀ ibi tí mo ti ń ra oúnjẹ.

Olùtọ́jú_Ẹran:
Màmá, ẹ ṣeun, èyí ti tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ti wá láti 170 sí 120, ìyẹn láti 85% sí 60%. Ẹ sọ ohun kan péré sí i: ṣé kí ẹ tó pààrọ̀ oúnjẹ ni èèpo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́lẹ́, àbí lẹ́yìn rẹ̀?

Màmá_Ẹlẹ́yin:
Lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹrin.

Olùtọ́jú_Ẹran:
Ẹ padà sí oúnjẹ àkọ́kọ́, kí ẹ sì fi ìkarahun òkun tí wọ́n fọ́ wẹ́wẹ́ sí àwo ọ̀tọ̀ fún wọn lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Bí èèpo bá padà nípọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, oúnjẹ ni. Bí kò bá padà, a ó ronú kan àrùn tó ń mú ẹyin dínkù láìsí àìsàn lára, n ó sì fẹ́ mọ àjẹsára tí wọ́n gbà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Ẹ má ra oògùn kankan báyìí.

Jẹ́jẹ́:
Ó dáa, mo gbà pé ìbéèrè yín kò fi àkókò ṣòfò. Síbẹ̀ ẹni tí ẹran rẹ̀ ń kú kì í mọ ohun tó yẹ kó wò. Bí ẹ kò bá béèrè, òun ì bá mọ̀ pé òjò kàn án? Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ pé ó béèrè kúkúrú.

Olùtọ́jú_Ẹran:
Òótọ́ ni, mi ò dá a lẹ́bi. Iṣẹ́ wa ni láti béèrè. Ohun tí mo kàn fẹ́ ni pé kí ọjọ́ orí, iye òkú lójúmọ́ àti ohun tí wọ́n ti mu máa wà nínú ìbéèrè àkọ́kọ́, torí kò sí ẹni tí kò lè sọ ìyẹn láìní ẹ̀kọ́ kankan.

ỌmọÌkirè:
(Ọjọ́ Àìkú) Ẹ kú ìsinmi. Ọjọ́ Ẹtì mẹ́fà, Àbámẹ́ta mẹ́rin, òní ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ ti dínkù lórí èérún pákó. Mo ti gbé àwọn dírínkà lórí bíríkì kí wọ́n má baà máa da omi sílẹ̀. Ilé ìlọ-oúnjẹ sọ pé àwọn máa ń fi oògùn tó ń dènà sí i, àmọ́ ẹni tó ń lọ̀ ọ́ kò rántí orúkọ rẹ̀.

Gọ́mbórò_jẹ_mí:
Inú mi dùn. Àmọ́ bí Gọ́mbórò bá wọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀, á ti ba agbára ara wọn jẹ́, onígbẹ́ẹ̀jẹ̀ á wá rọrùn láti wọlé. Ta ló lè sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Àjẹsára ẹ̀ẹ̀kan ní ọjọ́ 14, èmi kò fọkàn tán an.

Olùtọ́jú_Ẹran:
Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ láti orí ìkọ̀wé. Itan tí kò ní ilà dín ìfura kù, kò pa á rẹ́, òun náà sì ti sọ pé òun kò lè díwọ̀n kókó yẹn. Ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn kò jìnnà sí Ìkirè. Bí òkú mìíràn bá wà lọ́la, kí ẹ gbé e lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà: ẹ fi nínú ọ̀rá méjì, ẹ gbé e sínú kúlà pẹ̀lú áísì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ má fi sínú firísà, torí ẹran tó bá ti dì kì í ṣe é wò dáadáa. Kí ẹ sì kọ gbogbo ohun tí ẹ ti sọ fún wa síbí sórí ìwé kan, kí ẹ mú un lọ pẹ̀lú òkú náà.

ỌmọÌkirè:
Èyí tó kú lónìí, mo ti sin ín. Bí òmíràn bá kú lọ́la, n ó gbé e lọ.